Ìlà Amọ̀ Nínú Àpáta

Ìyá mi kì í fẹ́ kí a dárúkọ odò yẹn nínú ilé. Àbúrò wọn obìnrin ni omi gbé lọ níbẹ̀, nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí omi òjò bo afárá onípákó tó wà lójú ọ̀nà Ọ̀kà sí Ìkàrẹ́. Ọjà Ìkàrẹ́ ló ti ń bọ̀. Agbọ̀n rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ rí kí wọ́n tó rí òun fúnra rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí ìjọba Ondo gbé iṣẹ́ afárá kọnkéré síbẹ̀, láyé ìgbà tí Èkìtì ṣì wà lára wa, tí ilé iṣẹ́ tó gbà mí sì ní kí n lọ máa bójú tó àpáta tí wọ́n fẹ́ gbé afárá náà lé, ìyá mi kò kí mi kú oríire. Ohun tí wọ́n sọ kò ju pé, "Kí ẹ tètè parí ẹ̀ kí òjò tó dé."

Ọmọ Ìkàrẹ́ ni bàbá mi, ọmọ Ìwàrò-Ọ̀kà ni ìyá mi, àárín ìlú méjèèjì ni mo sì ti dàgbà. Ibi yòówù kí èèyàn yíjú sí níbẹ̀, òkè àpáta ni. Àwọn ará ilé wa a máa bi mí pé kí ló kù nípa àpáta tí yunifásítì tún fẹ́ kọ́ mi. Mo máa ń sọ fún wọn pé èyí tó yọrí síta kì í da ẹnikẹ́ni láàmú, èyí tó fara pamọ́ sábẹ́ ilẹ̀ ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà wá. Omi òjò a máa wọlé tọ̀ ọ́, a máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, títí á fi dà bí iṣu tó ti jẹrà. Lójú, iṣu ni. Tẹ̀ ẹ́, ìka rẹ á wọlé.

Páìlì ni afárá náà máa dúró lé, ìyẹn òpó kọnkéré tí a máa ń rì sínú ilẹ̀. Ẹ̀rọ á gbẹ́ ihò tó fẹ̀ débi pé ẹni méjì lè dúró sínú rẹ̀, wọ́n á fi páìpù irin ńlá dá ẹrẹ̀ àti iyanrìn dúró títí dé orí àpáta, lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá gbẹ́ ihò wọ inú àpáta fúnra rẹ̀ lọ. Ibi tó wọ inú àpáta yẹn là ń pè ní sọ́kẹ́ẹ̀tì. Òpó kì í kàn jókòó lé ìsàlẹ̀ ihò lásán. Ara kọnkéré á gbá ara àpáta mú yíká, bí eyín ṣe ń dúró nínú erìgì. Ìgbámú ẹ̀gbẹ́ yìí ni àwọn tó ṣe ìṣirò afárá wa gbẹ́kẹ̀ lé jù lọ, torí pé ẹrẹ̀ lè ṣẹ́ kù sísàlẹ̀ ihò kí ẹnikẹ́ni má mọ̀. Bí àpáta ẹ̀gbẹ́ bá le, tí ojú rẹ̀ sì rí pálapàla, òpó náà dúró nìyẹn. Bó bá ti jẹrà, àfi kí sọ́kẹ́ẹ̀tì tún gùn sí i.

Báwo la ṣe ń mọ̀ bó bá le? Kí wọ́n tó ya àwòrán afárá ni wọ́n ti fi ẹ̀rọ lu ihò tẹ́ẹ́rẹ́ lọ sísàlẹ̀ gbọọrọ, lẹ́bàá ibi tí òpó kọ̀ọ̀kan máa wà, tí wọ́n sì fa àpáta inú rẹ̀ jáde ní ọ̀pá ọ̀pá bí ìrèké. Inú àpótí pákó ni wọ́n tò wọ́n sí. Èyí tó bá gùn tó íǹṣì mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tó sì le, a ó wọn gbogbo wọn pọ̀, a ó sì fi wé gígùn ibi tí a lù. Èyí tó bá kéré tàbí tó ti jẹrà, a ò ní kà á. Èyí tó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ ló ṣẹ́ ẹ, odidi la ó kà á sí. Iye tó bá jáde nínú ọgọ́rùn-ún ni à ń pè ní RQD. Bó bá ṣe ga tó ni àlàáfíà ṣe pọ̀ tó.

Ti òpó àárín odò ló ga jù nínú gbogbo wọn. Ọ̀gá àwọn agbaṣẹ́ṣe, ọkùnrin sígbọnlẹ̀ kan tí kì í bọ́ akoto rẹ̀ kódà bó bá ń jẹun, fẹ́ràn láti máa mú àlejò lọ síbi àpótí náà. Á fi ọwọ́ pa àwọn ọ̀pá gígùn náà, á ní, "Ẹ wo àpáta! Òkè Ọ̀kà gan-an nìyí." Èmi náà tún un wọ̀n nígbà tí mo dé, ìwọ̀n mi sì bá ti ẹni tó ṣáájú mi mu.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ da kọnkéré sínú òpó yẹn, sìmẹ́ǹtì ti wà nílẹ̀, wọ́n ti hun irin tán, ojú ọ̀run sì ti ń ṣú láti apá Ọ̀kà bọ̀. Ọ̀gá tèmi, ẹnjiníà àgbàlagbà tí wọ́n fi ṣe olórí àwọn tó ń yẹ iṣẹ́ wò, dúró létí ihò náà, ó ní, "Ẹnikẹ́ni ò ní da nǹkan kan síbẹ̀ kí ojú èèyàn tó débẹ̀."

Ọ̀gá àwọn agbaṣẹ́ṣe rẹ́rìn-ín. "Ta ló fẹ́ lọ, sà?"

Ọ̀gá mi wò mí. Kò pàṣẹ, ó kàn wò mí ni. Mo ní, "Èmi ni, sà. Àpáta ni iṣẹ́ mi."

Wọ́n kọ́kọ́ sọ fìtílà sísàlẹ̀ láti mọ̀ bóyá atẹ́gùn tó ṣeé mí wà níbẹ̀. Iná rẹ̀ kò kú. Síbẹ̀ wọ́n ju okùn rọ́bà tó ń fẹ́ atẹ́gùn sílẹ̀, wọ́n sì tan pọ́ǹpù kí ó máa fa omi tó ń sun jáde. Wọ́n de ìgbànú okùn mọ́ mi lára, mo wọ inú àgò irin, kéréènì sì gbé mi sókè díẹ̀ kó tó sọ̀ mí kalẹ̀. Fọ́ọ̀mánù tó di okùn àmì mú sọ fún mi pé, "Àǹtí Àpáta, ẹ fà á lẹ́ẹ̀kan, a dúró. Ẹ fà á léraléra, a ti ń gbé yín bọ̀."

Nínú páìpù irin, ohùn wọn yí padà, ó wá ń dún bí ẹni ń sọ̀rọ̀ láti inú agolo. Ojú ọ̀run kéré, ó kéré sí i, títí ó fi dà bí àwo funfun kan lókè orí mi. Òórùn ìpẹtà mú mi nímú, òórùn irin tútù. Nígbà tí mo kọjá ẹnu páìpù, tí tọ́ọ̀ṣì mi kan ara àpáta, ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀. Ó dúdú, ó ní ìlà funfun, ó ń dán. Mo fi òòlù lù ú. Ó dún gbàn-ùn bí agogo.

Nígbà tí àgò dé ìsàlẹ̀, mo bọ́ sílẹ̀. Mo ń lù ú lọ yíká: gbàn-ùn, gbàn-ùn, gbàn-ùn. Nígbà tí mo dé apá ibi tí odò ti ń ṣàn wá, òòlù mi kò dún. Ó kàn sọ pé "pù." Mo gbé tọ́ọ̀ṣì súnmọ́ ọn. Ìlà pupa kan wà níbẹ̀, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, láti òkè délẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró ṣánṣán. Amọ̀ ló kún inú rẹ̀, omi sì ń sun láàárín. Lápá ọ̀tún àti òsì rẹ̀, àpáta náà ti di iyanrìn tó dì mọ́ra. Mo fi ẹnu òòlù gún un, ó wọlé bíi pé mo gún ẹ̀kọ. Mo yíjú sí òdìkejì. Ìlà náà wà lọ́hùn-ún. Ó gba àárín sọ́kẹ́ẹ̀tì náà kọjá ni, ó là á sí méjì.

Ìgbà yẹn ni ó yé mi. Ẹ̀là tó dúró ṣánṣán! Ihò tí wọ́n lu gbọọrọ lọ sísàlẹ̀ ti gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá láìkàn án, àwọn méjèèjì jọ ń lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí ẹni méjì lójú ọ̀nà kan tí wọn kò pàdé.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń họ amọ̀ náà sínú àpò mi ni ohun gbogbo dákẹ́. Ẹ̀rọ iná kú. Pọ́ǹpù kú pẹ̀lú rẹ̀. Afẹ́fẹ́ inú okùn rọ́bà náà dúró. Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni mo ti wá gbọ́ omi, tí mi ò gbọ́ tẹ́lẹ̀. Kì í ṣe pé ó ń sun mọ́; ó ń tú jáde láti inú ẹ̀là náà, amọ̀ rírọ̀ tó tẹ̀lé e sì ń já lulẹ̀ ní ìṣù ìṣù. Bàtà mi kún. Lẹ́yìn náà ó dé ojúgun mi, ó tutù bí omi inú amù. Mo fa okùn léraléra. Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo gun inú àgò, mo tún fà á. Mo gbọ́ tí ẹnì kan ń pariwo lókè, mi ò gbọ́ ohun tó ń sọ. Àdúà tí bàbá mi kọ́ mi ní kékeré ló wá sí mi lẹ́nu, àbọ̀ rẹ̀ sì ni mo rántí. Omi ti ń wọ inú àgò kí irin rẹ̀ tó gbọ̀n, tí àwo funfun yẹn sì bẹ̀rẹ̀ sí í tóbi.

Nígbà tí mo débi ìmọ́lẹ̀, mo bọ́ kúrò nínú àgò. Fọ́ọ̀mánù ń sọ pé, "Ẹ má bínú, ẹ má bínú, okùn àmì ló há sẹ́nu páìpù." Mo jókòó sílẹ̀, mo tú àpò mi sórí pákó níwájú àwọn ọ̀gá méjèèjì.

Mo ní, "Ẹ ò lè da kọnkéré síbẹ̀, sà."

Ọ̀gá àwọn agbaṣẹ́ṣe mú amọ̀ náà, ó fi ìka fọ́ ọ. "Madam, ẹ dákun. Àpáta tí ẹ̀yin náà wọ̀n ni. RQD ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pé. Ṣé ó ti wá parọ́ ni?"

"Kò parọ́, sà. Ibi tó gbà ló sọ. Ẹ mú búrẹ́dì tí wọ́n ti gé, kí ẹ gbé e kalẹ̀ bó ṣe máa ń jókòó, kí ẹ wá fi ẹyọ ìgbálẹ̀ kan gún un láti òkè. Inú ègé kan ṣoṣo ni ìgbálẹ̀ á gbà dé ìsàlẹ̀. Bí ẹ bá bi í, á ní odidi ni búrẹ́dì náà."

"Ẹ̀là kan ò lè wó afárá."

"Ẹ̀gbẹ́ tí ẹ̀là yẹn ti jẹ ni wọ́n ṣírò pé á gbá òpó mú, sà. Kò sí nǹkan tó máa gbá a mú níbẹ̀. Omi sì ti fọ amọ̀ sí ìsàlẹ̀, a ò lè gbẹ́kẹ̀ lé ìyẹn náà."

Ọ̀gá mi bi mí pé, "Báwo ni jíjẹrà ẹ̀ ṣe jìn tó?"

"Mi ò mọ̀, sà. Àfi tí a bá lu ihò tó dagun, tó fì sí ẹ̀gbẹ́, tó máa gba inú ẹ̀là náà kọjá."

Ọ̀gá àwọn agbaṣẹ́ṣe fi ìbínú pariwo lọ́nà tí mi ò gbọ́ irú ẹ̀ rí. Ó na ọwọ́ sí ojú ọ̀run. Ó ní bí òjò àkọ́rọ̀ bá bá wa nínú odò, gbogbo nǹkan tí a kó síbẹ̀ ló máa lọ, afárá náà á sì di ọdún tó ń bọ̀. Ó ní ṣé èmi ni mo máa wá ṣàlàyé fún àwọn ará ìlú ni. Ọ̀gá mi jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán. Ó wá ní, "A ò da á lónìí. Ẹ bá mi gbé ẹ̀rọ wá."

Ṣàṣà ni ọ̀rọ̀ tó ń pẹ́ kó tó dé ilé lọ́dọ̀ wa. Lọ́jọ́ kejì, àwọn àgbà láti Ọ̀kà ti dé síbi iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin ló sì ṣáájú wọn. Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Wọn ò ní kí n dìde.

"Ṣé lóòótọ́ ni pé ìwọ lo ní kí wọ́n dáwọ́ dúró?"

"Ọ̀gá wa ló pàṣẹ, bàámi. Ṣùgbọ́n èmi ni mo sọ ohun tí mo rí."

"Ohun tí o rí. Ṣé o mọ ohun tí àwa ti rí nínú odò yìí? Ẹni tó yẹ kó mọ̀ jù nínú gbogbo wọn ni ẹ́."

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ohun tí mo rí náà, òótọ́ ni. Wọ́n yí padà, wọ́n lọ, mo ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀.

Nígbà tí mo délé, ìyá mi ń ṣa ẹ̀wà. Mo rò pé wọn á bínú. Wọ́n bi mí ní ìbéèrè kan péré: "Ṣé ó dá ẹ lójú?"

Mo ní, "Ẹ̀là náà dá mi lójú, ìyá mi. Bó ṣe jìn tó ni kò tíì dá mi lójú."

Wọ́n ń ṣa ẹ̀wà lọ. Nígbà tó yá, wọ́n ní, "Ẹ̀gbọ́n mi á gbọ́ tó bá yá. Jẹun."

Ará Òkéné ni ọkùnrin tó ń darí ẹ̀rọ tó lu ihò tó dagun náà, kì í sì í sọ̀rọ̀ tó bá ń ṣiṣẹ́. Gbogbo wa dúró lé e lórí. Ọ̀pá tó kọ́kọ́ fà jáde gùn, ó dán, ọ̀gá àwọn agbaṣẹ́ṣe sì wò mí. Èyí tó tẹ̀lé e náà gùn. Mo ń rò ó pé ká ní mo ṣì í wò ńkọ́, nínú òkùnkùn yẹn, pẹ̀lú ẹ̀rù. Lẹ́yìn náà, omi tó ń padà jáde láti inú ihò yí àwọ̀ padà. Ó pupa. Ẹ̀rọ náà wá ń sáré bíi pé kò sí ohun tó ń jẹ. Nígbà tí wọ́n fa ọ̀pá yẹn jáde tí wọ́n sì gbá a, èérún òkúta kéékèèké ló já bọ́ sínú àpótí, ẹ̀kúnwọ́ kan, lẹ́yìn náà òfìfo. Omi ti fọ ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀ lọ.

Mo kúnlẹ̀ ti àpótí náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wọn èyí tó ṣeé wọ̀n. RQD ibẹ̀ kò tó ìdajì. A tún lu ihò kejì tó dagun, kí ó lè kan ẹ̀là náà níbi tó jìn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ègé tó jáde ṣì kúrú, ìpẹtà wà lójú ibi tí wọ́n ti ṣẹ́. Ìgbà tí a kọjá ìsàlẹ̀ sọ́kẹ́ẹ̀tì dáadáa ni a tó tún bá ojú ẹ̀là náà pàdé, lọ́tẹ̀ yìí ó ti pa dé pinpin, kò sí amọ̀ nínú ẹ̀, omi kò débẹ̀. Òòlù dún lára rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Èmi àti ọ̀gá mi fi ojú kan ara wa.

Ọ̀gá àwọn agbaṣẹ́ṣe lóṣòó síwájú àpótí náà. Ó mú ẹyọ òkúta kan tó ti jẹrà, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ó sì fọ́. Ó bọ́ akoto rẹ̀. Irun rẹ̀ funfun ju bí mo ṣe rò lọ.

Ó bi mí pé, "Títí dé ibo?"

Mo fi hàn án.

Ó ní, "Ó dáa, ẹ jẹ́ ká gbẹ́ ẹ." Ó dìde, ó sì ń ké sí àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀.

Òjò kò dúró dè wá. Àkọ́rọ̀ rẹ̀ gbé ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n là fún àwọn tó ń kọjá lọ, ó di pé kí àwọn ará Ọ̀kà máa gba inú oko yípo kí wọ́n tó dé Ìkàrẹ́. Àwọn obìnrin tó ru ẹrù á dúró lókè odò, wọ́n á máa wo ẹ̀rọ tó ń lọ gìdìgìdì nínú ihò, wọn ò sì ní kí mi. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi gba ibẹ̀ kọjá nígbà kan, wọ́n gbé ojú sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Odò ń ga lójoojúmọ́. Nígbà tí sọ́kẹ́ẹ̀tì fi máa dé ibi tí mo fi hàn wọ́n, kò ṣẹ́ kù ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ kí omi tó bo ẹnu páìpù irin ńlá náà.

Kò sáyè pé kí ẹnikẹ́ni tún sọ̀ kalẹ̀, omi ti kún inú ihò. Wọ́n fi afẹ́fẹ́ fa ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ jáde títí omi tó ń tú jáde fi mọ́, ọ̀gá mi sì so irin mọ́ okùn, ó ń fi kan ìsàlẹ̀ láti gbọ́ bóyá àpáta ló kàn tàbí ẹrẹ̀. Nígbà tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, wọ́n ki páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ kan dé ìsàlẹ̀ pátápátá, wọ́n sì ń da kọnkéré gba inú rẹ̀, kí ó lè máa kún láti ìsàlẹ̀ wá sókè, kí ó máa ti omi síwájú. A kò gbọ́dọ̀ dáwọ́ dúró. A kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ẹnu páìpù yẹn yọ kúrò nínú kọnkéré, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ omi á dà á láàmú. Òjò ń rọ̀ sí wa lórí. Ọ̀gá àwọn agbaṣẹ́ṣe fúnra rẹ̀ ń tú àpò sìmẹ́ǹtì. Nígbà tí kọnkéré tútù yọjú lókè, ó ti omi ẹlẹ́rẹ̀ jáde níwájú rẹ̀, àwọn ọmọ iṣẹ́ hó yèè.

Lẹ́yìn tí òpó náà ti gbẹ tí odò sì ti fà, wọ́n to òkúta kọnkéré jọ gègèrè sórí rẹ̀, wọ́n fi jáàkì sáàárín, wọ́n sì ń tẹ òpó náà mọ́lẹ̀ ju bí afárá ṣe máa tẹ̀ ẹ́ lọ láé. Aago kékeré kan ló ń sọ bó ṣe ń rì sí. Àwọn àgbà Ọ̀kà wà níbẹ̀. Ọwọ́ aago náà sún, ó tún sún díẹ̀, ó dúró. Ọ̀gá mi ní kí wọ́n fi kún un. Ó sún bí irun orí, ó dúró. Nígbà tí wọ́n tú jáàkì sílẹ̀, ọwọ́ aago fẹ́rẹ̀ẹ́ padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi rìn wá bá mi. Wọ́n ní, "Ká ní wọ́n ti da á lọ́jọ́ yẹn ńkọ́?"

Mo lè sọ pé á wó. Ohun tí wọ́n fẹ́ gbọ́ nìyẹn, á sì dùn mọ́ èmi náà lẹ́nu. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè búra. Ó lè rì díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó lè má rì rárá. Mo ní, "Kò dá mi lójú pé á dúró, bàámi. Ìyẹn nìkan ni mo lè sọ."

Wọ́n mi orí. Wọ́n dúró tì mí, àwa méjèèjì ń wo òkúta tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n wá ní kí n tẹ̀ lé àwọn lọ sílé, pé ìyàwó àwọn ti se oúnjẹ.

Gbogbo òpó tó kù ni a lu ihò tó dagun sí kí a tó gbẹ́ wọn. Ọ̀gá àwọn agbaṣẹ́ṣe ló kọ́kọ́ béèrè fún un. Ìgbà ọyẹ́ ni ọkọ̀ àkọ́kọ́ gba orí afárá náà kọjá, ọkọ̀ akóṣu kan láti Ìwàrò ni. Mi ò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Wọ́n ti rán mi lọ síbi iṣẹ́ mìíràn ní Ògbàgì. Ìyá mi ló ròyìn rẹ̀ fún mi nígbà tí mo wálé. Wọ́n ní ọkọ̀ náà ò tiẹ̀ dẹsẹ̀ dúró.